Bí mo ṣe fi ARX bo àṣírí àwọn aláìsàn wa kí dátà tó jáde

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré kan n'Ìbàdàn. A ní ètò ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí àjọ kan ń náwó lé lórí, àjọ náà sì ní òun máa gbé e fún olùgbéléwọ̀n láti ìta kó wò ó bóyá owó náà ń ṣiṣẹ́. Olùgbéléwọ̀n ò fẹ́ ìròyìn tí a kọ fúnra wa. Dátà gan-an ló ń bèèrè. Ọ̀gá wa ní kí n yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò, kí n fi èyí tó kù ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà kan lára èyí tó kù: obìnrin, ẹni ọdún 71, Òkè-Àdó, iṣẹ́: ìyálọ́jà. Orúkọ ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ta ni ò mọ ìyálọ́jà àdúgbò rẹ̀? Ẹni tó bá rí ìlà yẹn ti mọ̀ pé màmá ní àtọ̀gbẹ, ó sì mọ iye ìgbà tí wọn ò wá gba oògùn. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ju ìyálọ́jà lọ. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1990 sí 2000, ìpínlẹ̀ Massachusetts fi àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí, wọ́n sì ti yọ orúkọ kúrò. Latanya Sweeney, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge ní 20 dọ́là. Ó fi ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò so méjèèjì pọ̀, ló bá fa àkọsílẹ̀ ìlera William Weld, gómìnà ìpínlẹ̀ náà, yọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ARX, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń bo àṣírí ẹni nínú dátà, sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùwádìí ní Jámánì ló ṣe é, ó wà fún Windows, Mac àti Linux. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé orí kọ̀ǹpútà tìrẹ ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí pé à ń gbé fáìlì lọ sórí ìkànnì ẹlòmíràn. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó gba ìṣọ́ra jù. Irinṣẹ́ tó bá ní kí n kọ́kọ́ gbé orúkọ aláìsàn lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lè bò wọ́n, ẹ dákun, ó ti tú àṣírí náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ tí ARX ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe, ibẹ̀ sì ni mo ti lo àkókò jù. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tí yóò dúró fún aláìsàn. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n fi SHA-256 yí nọ́ńbà fóònù padà sí lẹ́tà rúdurùdu, pé kò sẹ́ni tó lè tú u. Fún nọ́ńbà fóònù, irọ́ ni. Nọ́ńbà wa jẹ́ dígíìtì 11. Tí o bá mọ̀ pé 0803 ló bẹ̀rẹ̀, 7 péré ló kù, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 10. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán máa yí gbogbo mílíọ̀nù 10 yẹn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á wò èyí tó bá tìẹ mu, ó parí. Nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn tiẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo da àwọn aláìsàn pọ̀ láìtò, mo fún wọn ní P0001, P0002 títí lọ, mo sì kọ nọ́ńbà yẹn mọ́ orúkọ nínú fáìlì kan tí kì í kúrò lọ́fíìsì. Dída wọn pọ̀ yẹn ṣe pàtàkì: tí wọ́n bá tò bí wọ́n ṣe forúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ kọ́kọ́ wá lè ka ìlà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìkejì ni pé ìlà ni ARX máa ń kà, kì í ka ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí èyí, torí mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi tààrà. Dátà wa jẹ́ ti àbẹ̀wò: ìgbàkigbà tí aláìsàn bá wá, ìlà kan. Òfin tí mo fẹ́ fi bò wọ́n ni èyí tí wọ́n ń pè ní `k-Anonymity`. Tí k bá jẹ́ 5, ó túmọ̀ sí pé kí ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àdúgbò ẹnikẹ́ni bá ti ènìyàn mẹ́rin mìíràn dọ́gba, ó kéré tán. Ká wá sọ pé bàbá ẹni ọdún 88 kan wà ní Àpẹtẹ̀ tó wá ní ìgbà mẹ́fà. Ìlà mẹ́fà tó dọ́gba nìyẹn. ARX á ní k ti kọjá 5, ẹgbẹ́ yìí dára, bẹ́ẹ̀ bàbá kan ṣoṣo ló dá jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ náà. Àwọ̀ ewé tútù ló máa hàn lójú kọ̀ǹpútà o, kò sí ìkìlọ̀ kankan.

Nítorí náà mo sọ àbẹ̀wò di ìlà kan fún ènìyàn kan: ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ní àbẹ̀wò àkọ́kọ́, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ní àbẹ̀wò ìkẹyìn, iye ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì, iye ìgbà tí wọ́n pa ọjọ́ àdéhùn jẹ. Ọjọ́ gan-an ò jáde, nítorí ẹni tó bá gbé ìyá rẹ̀ wá rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mo ti kọ́kọ́ pe olùgbéléwọ̀n láti bèèrè ohun tó fẹ́ mọ̀, ó sì ní iye ọjọ́ tó òun. Kọ́lọ́ọ̀mù iṣẹ́ ńkọ́? Kò tiẹ̀ nílò ó. Mo yọ ọ́, ìyálọ́jà sì bọ́ lọ́wọ́ ewu tó tóbi jù láìsí pé ARX dá sí i. Àkíyèsí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ náà kúrò, torí inú rẹ̀ ni a ti ń rí "ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló ń fowó oògùn ránṣẹ́". ARX kì í ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀yìn èyí ni mo wá gbé CSV náà wọlé. Fún kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ẹ máa sọ irú ohun tó jẹ́. Ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àdúgbò jẹ́ `Quasi-identifying`, ìyẹn ohun tí kò dárúkọ ẹni àmọ́ tó lè tọ́ka sí i. Ọjọ́ orí rọrùn, ARX ní ibi tí ẹ ti lè pín in sí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Àdúgbò ni mo fi ọwọ́ kọ àtẹ̀gùn rẹ̀ sínú fáìlì, láti orí àdúgbò sí ìjọba ìbílẹ̀, sí àárín ìlú tàbí ẹ̀yìn ìlú, títí tó fi di ìràwọ̀:

```
Bodija;Ibadan North;Aarin ilu;*
Agbowo;Ibadan North;Aarin ilu;*
Oke-Ado;Ibadan South West;Aarin ilu;*
Apete;Ido;Eyin ilu;*
Moniya;Akinyele;Eyin ilu;*
```

Gbogbo àdúgbò tó wà nínú dátà gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì yìí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ARX á kọ̀. Lọ́dọ̀ wa, Bodija, Bódìjà, BODIJA àti "Bodija Mkt" wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù kan náà. Ẹ tún wọn kọ sí ọ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ mo fi k sí 5, ọjọ́ orí ní ọdún márùn-ún-márùn-ún, àdúgbò ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn tí ARX fi ìràwọ̀ bò, torí kò rí ẹgbẹ́ tó tó márùn-ún fún wọn. Mo sọ ọjọ́ orí di ọdún mẹ́wàá, iye náà sì já wálẹ̀ gan-an. Ẹnikẹ́ni lè dúró síbẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn tí ìràwọ̀ ṣì bò, mo sì rí i pé àwọn àgbàlagbà Ìdó àti Lagelu ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ 11, márùn-ún ní àárín ìlú, mẹ́fà lẹ́yìn odi, àwọn ará ẹ̀yìn odi ò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn yìí gan-an ni ọ̀nà jìn sí, àwọn ló ń pa ọjọ́ jẹ jù. Tí wọ́n bá di ìràwọ̀, olùgbéléwọ̀n á rò pé ètò wa ń ṣe dáadáa ju bó ṣe rí lọ. Mo wá gbé àdúgbò sókè sí àárín ìlú àti ẹ̀yìn ìlú, mo sì dá ọjọ́ orí padà sí ọdún márùn-ún fún gbogbo ènìyàn, àwọn tó lé ní ẹni ọdún 80 sì di ẹgbẹ́ kan. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló kù lábẹ́ ìràwọ̀, wọn ò sì dà bí ẹni pé ibi kan náà ni wọ́n ti wá. Mo kọ iye wọn sínú lẹ́tà tó tẹ̀lé dátà.

Ojú ewé tó ń ṣírò ewu nínú ARX dára, ó sì rọrùn ju bó ṣe rí lójú lọ. Tí k bá jẹ́ 5, ẹni tó mọ̀ dájú pé màmá wà nínú dátà ní ànfààní ọ̀kan nínú márùn-ún láti mú un, ìyẹn ìdá 20 nínú 100. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù dábàá pé kó má ju ìdá 9 nínú 100 lọ fún dátà tí gbogbo ayé máa rí, èyí tó jẹ́ k 11. Fún wa, ènìyàn kan ló gbà á, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun ò ní wá ẹnikẹ́ni kiri, òun á sì pa á rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ni mo fi gba 5. Ẹ má gbàgbé pé k ò sọ nǹkankan nípa àìsàn. Tí àwọn márààrún nínú ẹgbẹ́ kan bá ní àtọ̀gbẹ, kò sí àṣírí kankan tó kù. Ẹ sàmì sí kọ́lọ́ọ̀mù àìsàn ní `Sensitive`, kí ẹ fi `l-Diversity` kún un, òfin tó ń rí i pé àìsàn inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe irú kan ṣoṣo.

Mi ò gba ARX gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí CSV tó jáde nínú Excel, mo yọ àwọn ìlà oníràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì kọ èyí síwájú èyí tó kù:

```
=COUNTIFS(B:B,"="&B2,C:C,"="&C2,D:D,"="&D2)
```

Ìyẹn ń ka iye ìlà tó bá ìlà yìí dọ́gba. Tí èyí tó kéré jù bá jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìràwọ̀ kúrò o, torí lójú Excel ìràwọ̀ túmọ̀ sí "ohunkóhun", á kàn máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá rí. CSV ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe fáìlì Excel tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: tí ẹ bá ti ṣe Pivot Table nínú ẹ̀ rí, dátà àtijọ́ lè ṣì wà nínú rẹ̀, orúkọ àti gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí i ni pé èdè rẹ̀ le fún ẹni tí kò tíì ka nǹkan nípa ọ̀rọ̀ yìí, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró nígbà tí ìlà bá ju ènìyàn lọ. Fún ilé ìwòsàn tí aláìsàn rẹ̀ ò tó bí 100, mi ò ní sọ pé kí wọ́n yọ ara wọn lẹ́nu. Kí wọ́n ṣe tábìlì ìṣírò tí kò sí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ìlà bo iye tó bá kéré sí 5, kí olùgbéléwọ̀n sì wá wo èyí tó kù lọ́fíìsì wọn.