Fáànù Mẹ́ta Tàbí Bátìrì Méjì Sí I: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ la máa fi ṣe ìfiwéra yìí. Fáànù òkè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gílóòbù mẹ́fà, tẹlifíṣọ̀n kan. Onílé fẹ́ ra sólà, ọ̀nà méjì ló sì wà níwájú rẹ̀. Ó lè fi ohun tó ń lò sílẹ̀ bó ṣe wà, kó ra sólà tó máa lè gbé gbogbo rẹ̀. Ó sì lè kọ́kọ́ pààrọ̀ fáànù àti gílóòbù, kó tó ka iye bátìrì tó máa rà.

Lóru ni ìṣirò yìí ti le. Bí oòrùn bá wà, pánẹ́ẹ̀lì á máa gbé fáànù fúnra rẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú, inú bátìrì ni gbogbo nǹkan ti ń jẹun, bátìrì ló sì máa ń kọ́kọ́ kú nínú gbogbo ẹ̀rọ sólà.

Fáànù àtijọ́ tó jẹ́ ínṣì 56 máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 75. Mẹ́ta jẹ́ 225, tí wọ́n bá sì yí fún wákàtí 10, wọ́n ti jẹ wáàtì-wákàtí 2,250. Nínú gílóòbù mẹ́fà náà, méjì jẹ́ ti àtijọ́ tó máa ń gbóná janjan, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tó kù jẹ́ èyí tí wọ́n lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, wáàtì 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ wáàtì 200, fún wákàtí 5 ó di 1,000. Tẹlifíṣọ̀n jẹ wáàtì-wákàtí 200 lóru kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,450.

Ínfátà náà ń jẹ tirẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn nìyẹn. Bó ṣe ń sọ iná bátìrì di iná ilé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ń ṣòfò. Yàtọ̀ síyẹn, títàn tó tàn lásán, láìgbé nǹkan kan, lè jẹ wáàtì 30. Láti aago 7 alẹ́ di aago 6 àárọ̀, ìyẹn nìkan ti jẹ́ 330. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó máa jáde nínú bátìrì lóru kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,160.

Bátìrì tọ́búlà fóòtì 12 tí wọ́n kọ 200Ah sí lára gba wáàtì-wákàtí 2,400, àmọ́ ìdajì nìkan la gbọ́dọ̀ máa lò nínú rẹ̀ tá a bá fẹ́ kó pẹ́. Ìyẹn jẹ́ 1,200. Ilé yìí nílò bátìrì mẹ́rin. Nínú oṣù kẹjọ tí ìkúùkù máa ń bo ojú ọ̀run, wákàtí 4 péré ni kẹ́ ẹ kà fún oòrùn tó dáa lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò fún ooru, eruku àti ohun tó ń ṣòfò nígbà tí bátìrì bá ń gba iná. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 mẹ́rin ló máa tó o, kò sì ní ṣẹ́ kù.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Fáànù tí wọ́n kọ BLDC sí lára, ínṣì 56 kan náà, máa ń jẹ wáàtì 30. Mẹ́ta fún wákàtí 10 jẹ́ 900. Gílóòbù LED wáàtì 8 mẹ́fà fún wákàtí 5 jẹ́ 240. Tẹlifíṣọ̀n ò yí padà. Ó di 1,340. Níwọ̀n bí ẹrù ti fúyẹ́, ínfátà kékeré tó ń jẹ wáàtì 20 fúnra rẹ̀ ti tó. Tá a bá ka ti ínfátà mọ́ ọn, nǹkan bíi 1,710 ló máa jáde nínú bátìrì. Bátìrì méjì tó, pánẹ́ẹ̀lì méjì tó, àṣẹ́kù sì wà.

Nítorí náà, iye owó fáànù mẹ́ta àti gílóòbù mẹ́fà ni kẹ́ ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ iye owó bátìrì méjì, pánẹ́ẹ̀lì méjì, àti ohun tí ínfátà ńlá fi ju kékeré lọ. Ẹ béèrè iye wọn lọ́jọ́ kan náà, torí iye owó ọjà yìí kì í dúró sójú kan. Bí bátìrì bá sì kú, ẹni tó ní mẹ́rin máa ra mẹ́rin. Méjì ni ẹni tó pààrọ̀ fáànù máa rà, fáànù rẹ̀ á ṣì máa yí lókè.

Gílóòbù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ra LED tí wọ́n kọ iye lúmẹ́ẹ̀nì sí ara páálí rẹ̀. Wáàtì 9 yẹ kó fún wa ní bíi lúmẹ́ẹ̀nì 800. Èyí tí wọn ò kọ lúmẹ́ẹ̀nì sí, ẹ fi í sílẹ̀.

Fáànù ni iṣẹ́ wà, torí òun ló gbé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tá a rí dín kù. Oríṣi méjì làwọn òǹtajà sì máa ń kó síwájú yín. BLDC ń lo iná ilé fóòtì 220 bíi fáànù àtijọ́. Inú rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ di iná tààrà fún mọ́tò tó ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ni fáànù DC gidi, tó ń mu fóòtì 12 tààrà lára bátìrì, láìgba inú ínfátà kọjá.

Lórí ìwé, fáànù DC ló dáa jù. Ẹ lè pa ínfátà lóru, kẹ́ ẹ sì gba ohun tó ń jẹ padà. Nínú ilé tá a ń sọ yìí, ìyẹn ju 350 lọ lóru kan, kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wáyà wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó gba ọ̀nà yìí.

Bí fóòtì bá ṣe kéré tó ni áńpìà tó gbọ́dọ̀ gba inú wáyà máa ń pọ̀ tó. Ká ní bátìrì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá sì wà ní mítà 15 síbẹ̀. Fáànù DC wáàtì 24 méjì ń fa áńpìà 4, gílóòbù wáàtì 9 mẹ́ta ń fa 2.25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6.25. Tí rìwáyà bá lo wáyà 1.5 tí wọ́n fi ń ṣe iná gílóòbù ilé, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 30, fóòtì 2.3 á sì ti sọnù sójú ọ̀nà. Fóòtì 12 tó kúrò lára bátìrì á dé yàrá ní 9.7. Fáànù á máa falẹ̀, gílóòbù á ṣókùnkùn, onílé á sì máa bú ẹni tó ta fáànù fún un, bẹ́ẹ̀ wáyà ló ń jẹ iná. Kí ohun tó sọnù má ju fóòtì 0.6 lọ, wáyà 6 ló gbọ́dọ̀ lò, kó sì jẹ́ kọ́pà gidi. Ẹ fi abẹ ha irin wáyà kẹ́ ẹ tó sanwó: tí inú rẹ̀ bá funfun, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, kò lè gbé e. Owó wáyà 6 káàkiri ilé oníyàrá mẹ́ta lè gba gbogbo èrè tẹ́ ẹ rò pé ẹ jẹ lórí ínfátà.

Bátìrì méjì tá a so pọ̀ di fóòtì 24 ló máa ń fa àṣìṣe kejì. Fáànù fóòtì 12 ni wọ́n rà, oníṣẹ́ á wá fa wáyà láti ara ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì. Á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n ń fà lára rẹ̀ kò ní kún mọ́, èkejì á sì máa gba iná kọjá ìwọ̀n, omi inú rẹ̀ á máa yára gbẹ. Ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kí oòrùn tó mú: tí ìyàtọ̀ wọn bá ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń sọ fóòtì 24 di 12 ló yẹ kó wà láàárín, tàbí kẹ́ ẹ ra fáànù fóòtì 24, èyí tó tún máa ń dín ìṣòro wáyà kù.

Ẹ má sì lo bréékà iná ilé fún fáànù DC. Iná tààrà kì í yára kú bí ẹnu irin bá là, ó máa ń tàn láàárín wọn títí tí wọ́n á fi jó. Bréékà tí wọ́n kọ DC sí ni, pẹ̀lú fíúsì nítòsí bátìrì.

BLDC kò ní èyíkéyìí nínú wàhálà yìí. Wáyà tó wà nínú ògiri ló ń lò. Bí iná ìjọba bá rẹlẹ̀, bó ṣe sábà máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, ìyára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tẹ́ ẹ bá sì fi rìmóòtù gbé e sí ìyára kékeré ní ìdájí, kì í sábà ju wáàtì 10 lọ. Rẹgulétọ̀ onígbóná ti àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń dín atẹ́gùn kù, ó sì ń sọ lára iná náà di ooru nínú ògiri. Ẹ rí i pé rìwáyà yọ rẹgulétọ̀ yẹn kúrò, kó so wáyà rẹ̀ pọ̀, torí ó máa ń ba bọ́ọ̀dù inú BLDC jẹ́. Mànàmáná náà máa ń bà á jẹ́. Ẹ béèrè bóyá òǹtajà ń ta bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀. Tí kò bá tà á, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo nítòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí bátìrì wà lábẹ́ káńtà, tí kò sì ní ínfátà, fáànù DC kan àti gílóòbù DC méjì ló yẹ ẹ́. Mítà 5 wáyà 2.5 kò ní jẹ tó fóòtì 0.3. Fíríìjì DC náà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wà fún. Ilé tí wọ́n ti fa wáyà sí, tó sì ní ínfátà, ẹ ra BLDC.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí òǹtajà ki fáànù bọ mítà kékeré tó ń ka wáàtì, kó sì gbé e sí ìyára tó ga jù. Tó bá ju 35 lọ, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ wá rà. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ sí lára pé wọn kì í jẹ iná, tí mítà á sì ka 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo iye atẹ́gùn tó ń fẹ́ lára páálí pẹ̀lú: ínṣì 56 yẹ kó tó kúbíìkì mítà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí wáàtì rẹ̀ kéré torí pé atẹ́gùn rẹ̀ kéré kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóṣù kẹta.

Bówó ò bá sì tó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, yàrá tí wọ́n ń sùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fáànù ibẹ̀ tó ń yí fún wákàtí 10 á dín 450 kù lóru kan. Bó bá jẹ́ pé wákàtí 2 péré ni ti pálọ̀ yín ń yí, 90 ló máa dín kù. Ìyẹn lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.