Ìwé méjì fún aláìsàn ọkàn tó ń lọ sílé

Ìwé àkọ́kọ́ sọ pé: “Fúrósẹ́máìdì 40 mg b.d.; 2/52.” Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni b.d., ọ̀sẹ̀ méjì sì ni 2/52. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ bá tilẹ̀ mọ “ẹ̀ẹ̀mejì”, ó lè fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ìtọ̀ tí oògùn náà ń fà má sì jẹ́ kí ìyá sùn.

Ìwé kejì sọ pé: “Oògùn tó ń fa omi ara jáde: ẹ lo ẹyọ kan ní aago 7 àárọ̀, ẹyọ kan ní aago 2 ọ̀sán. Ẹ máa wọn ara yín láràárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, ẹ padà wá lọ́jọ́ náà gan-an.” Èyí ni mo fara mọ́, nítorí omi lè ti máa dúró sára kí ẹsẹ̀ tó wú. Síbẹ̀, dókítà mìíràn yóò nílò orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà kí a kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀ ìwé kejì. Kí wọ́n tó lọ, kí nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò ṣe. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni a ó tún kọ.