Agolo kọ́lájìn tí mo rà ní Sábó, àti ìkòkò bọ̀kọ̀tọ̀ mi

Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n olè ni mo kọ́kọ́ pe ẹni tó ta kọ́lájìn yìí fún mi. Inú ọkàn mi ni mo ti pè é o, mi ò tíì là á mọ́lẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni.

Orúnkún mi ọ̀tún ló fà á. Tí mo bá dìde lórí àpótí nídìí iná, á dún bí ìgbà tí èèyàn ń pa ẹ̀kùrọ́. Mo bá ra agolo kọ́lájìn kan, èyí tí wọ́n ń tà fún oríkèé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sábó, ní Ìkòròdú níbí. Ìyẹ̀fun funfun ni, gíráàmù 300, pẹ̀lú ṣíbí kékeré tó ń bu gíráàmù 10, tó fi jẹ́ pé ó tó ọgbọ̀n ọjọ́. Owó rẹ̀ á ra ẹsẹ̀ màlúù méjì, ṣẹ́ńjì á tún kù. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní, "Mọ̀mí, ẹ pò ó mọ́ tíì yín. Bọ̀kọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Bó ṣe máa ń dì nínú ìkòkò yẹn náà ló ṣe máa di eegun yín mú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, torí mo mọ omi bọ̀kọ̀tọ̀ dáadáa. Tó bá sùn nínú fíríìjì, ẹ lè da abọ́ rẹ̀ dé kó má dà. Mo bu ṣíbí méjì ìyẹ̀fun náà sínú ife omi gbígbóná, mo gbé e sí fíríìjì mọ́jú. Omi ni mo bá láàárọ̀. Mo tún bu mẹ́rin. Omi náà ni. Mo ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Ìyàwó àbúrò mi tó ń ṣe kéèkì ní Ìgbógbó ló là mí lójú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ẹni tó tà á ni kò mọ ohun tó ń tà. Ká ní ó dì ni, ìgbà yẹn gan-an lẹ bá bínú."

Ó ní kọ́lájìn ni pùrótéènì tó so ara ẹranko pọ̀. Ó wà nínú awọ, nínú iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, nínú egungun fúnra rẹ̀ àti egungun rírọ̀ tó wà ní oríkèé. Fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, okùn náà kì í sì í yọ́ nínú omi. Ìdí nìyẹn tí pọ̀nmọ́ tí kò jiná fi ń bá eyín jà. Tí iná bá pẹ́ nídìí rẹ̀ nínú omi, okùn náà á tú, fọ́nrán rẹ̀ á sì yọ́ sínú omi. Èyí tó ti tú yẹn là ń pè ní jẹlátíìnì. Bí omi bá ti ń tutù, àwọn fọ́nrán gígùn wọ̀nyí á tún máa wá ara wọn, wọ́n á dì mọ́ra bí àwọ̀n, omi á sì há sáàárín wọn. Ohun tó ń mì nínú abọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rá o. Ọ̀rá léfòó sókè, ẹ lè fi ṣíbí ha á kúrò.

Tinú agolo wá ńkọ́? Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á mú jẹlátíìnì tí wọ́n bọ̀ látinú awọ tàbí egungun, wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù gé fọ́nrán rẹ̀ wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yẹn kò gùn tó ohun tó lè di àwọ̀n mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ nínú omi tútù pàápàá, tí kò sì ní dì láéláé. A ṣáà mọ ẹ́ńsáìmù nílé wa láìmọ orúkọ rẹ̀: ìbẹ́pẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń gé sínú ẹran tó le, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Mo fẹ́ rí i fúnra mi. Ó fún mi ní sáṣẹ́ẹ̀tì jẹlátíìnì kan, gíráàmù 7, èyí tó tó ife omi méjì. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dà á sínú omi tó ń hó, torí á di kókó, inú kókó náà á sì gbẹ. Omi tútù díẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ wọ́n ọn sí, kí n fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó wú, kí n tó da omi gbígbóná sí i. Mo pín in sí abọ́ méjì. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gé ìbẹ́pẹ tútù sínú ọ̀kan, mo sì fi ìbẹ́pẹ tí mo ti bọ̀ sínú èkejì. Lọ́jọ́ kejì, èyí tí mo fi ìbẹ́pẹ bíbọ̀ sí ti dì, torí iná ti pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀. Èyí tó ní ìbẹ́pẹ tútù ń ṣàn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ojú abọ́ yẹn ni mo ti dárí ji ẹlẹ́ṣọ́ọ̀bù.

Mo wá padà sídìí ìkòkò mi. Mo ní kí alápatà gé ẹsẹ̀ màlúù kan fún mi, kó fi awọ àti iṣan sílẹ̀, torí egungun gbígbẹ nìkan kì í mú omi dì dáadáa. Mo bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo da omi àkọ́kọ́ nù pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Omi kejì ga ju ẹran lọ ní ìka méjì péré. Èédú ni mo lò, mi ò ní gáàsì tí mo máa fi ṣòfò fún wákàtí mẹ́fà. Kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ẹ fẹ́, kì í ṣe gbòlàgbòlà: híhó líle ń po ọ̀rá mọ́ omi, á ṣú. Tí ẹ bá sì se é láti àárọ̀ dòru, ooru fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gé àwọn fọ́nrán yẹn, dídì rẹ̀ á sì dínkù. Èyí tí kò dì rárá, omi ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e padà síná, kó fà.

Tèmi dì nínú fíríìjì, àmọ́ wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ sì yọ́ padà. Kò bàjẹ́ o, ooru Ìkòròdú ló tó láti tú u. Ṣùgbọ́n omi ẹran tó bá sùn síta mọ́jú, ẹ dà á nù.

Ní ti agolo náà: kò lóòórùn, kò yí adùn tíì padà, òótọ́ sì ni pé pùrótéènì ni. Síbẹ̀ kò lè dípò ẹyin tàbí ẹ̀wà, torí kọ́lájìn kò ní tíríptófáànì, ọ̀kan nínú ohun tí ara ń lò láti fi kọ́ pùrótéènì tirẹ̀. Kì í sì í gba inú lọ tààrà sí orúnkún. Inú á kọ́kọ́ dà á bí oúnjẹ yòókù. Mo parí agolo kan. Orúnkún mi ṣì ń dún, àmọ́ àtẹ̀gùn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́, mi ò sì lè búra pé òun ni, torí mo tún ti ń rìn láàárọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí bíi tèmi, ẹ ka ara agolo kẹ́ ẹ tó sanwó. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe jẹlátíìnì jù lọ lágbàáyé. Tèmi kọ màlúù, ó sì ní àmì hàláàlì. Ọmọbìnrin yẹn tún fi òmíràn hàn mí tó ní ewéko ni wọ́n fi ṣe kọ́lájìn rẹ̀. Mo gbé e padà sórí pẹpẹ. Ewéko kò ní kọ́lájìn.

Nínú márùn-ún, mo fún agolo tèmi ní mẹ́ta. Ẹni tí kò ní àyè láti jókòó ti èédú lè rà á. Èmi ti sọ fún alápatà mi pé kó bá mi tọ́jú ẹsẹ̀ kan fún ọjọ́ Sátidé.