Àgbéyẹ̀wò Paperless-ngx fún Títọ́jú Ìnfọ́ìsì De Áúdítọ̀

Ìṣirò owó ni mo ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, Paperless-ngx, ètò kọ̀ǹpútà kan fún títọ́jú ìwé, sì ni a fi ń tọ́jú ìnfọ́ìsì wa. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà tiwa ló sì wà. Ohun tó wù mí jù nípa rẹ̀ ni pé ó ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé tí a bá fi sikáánà yà, tó fi jẹ́ pé bí mo bá tẹ orúkọ ẹni tó tajà fún wa tàbí nọ́ńbà ìnfọ́ìsì, ìwé náà yóò jáde.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, CAMA, ní kí a pa àkọsílẹ̀ owó mọ́ fún ọdún 6 láti ọjọ́ tí a ṣe é. Fún aṣọ funfun àti aró tí a ti rà tí a sì ti tà tán, mo máa ń fi ọdún 1 lé e, nítorí ọdún owó-orí ni olùyẹ̀wò ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ orí ìnfọ́ìsì.

Ohun èlò ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ jẹ́ kí a mú jẹnẹrétọ̀ tí a rà ní 2017 ṣe àpẹẹrẹ: a kò yọ gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni a ń yọ ọ́ kúrò nínú èrè tí a ń san owó-orí lé lórí, títí di 2021. Ẹni tó bá wá yẹ ìwé ọdún 2021 wò ní 2027 yóò béèrè ẹ̀rí iye tí a rà á, ìnfọ́ìsì 2017 ló sì máa jẹ́rìí. Bí a bá ti jù ú nù ní 2023, wọ́n lè fagi lé ohun tí a yọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń lẹ àmì «dúkìá» mọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń kọ ọjọ́ tí a lè pa á rẹ́ sí àyè tí mo fi kún un fún ọjọ́.

Paperless-ngx kì í ka ìwé àfọwọ́kọ dáadáa, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ọjà wa sì ń fọwọ́ kọ ìnfọ́ìsì. Bí mo bá ṣí abala Content tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò nítumọ̀, mo máa ń fọwọ́ ara mi tẹ orúkọ, ọjọ́ àti iye owó sí àkọlé. Rìsíìtì orí pépà tí ẹ̀rọ fi ooru tẹ̀ máa ń ṣá, nítorí náà ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ yà á.

Paperless-ngx kò fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti àwọn ìwé náà pa. Dísìkì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tì. Ẹ̀dà tó ń bá ojúlówó yí padà lójú ẹsẹ̀ kò tó, torí ohun tí a bá pa rẹ́ níbí yóò parẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Àṣẹ yìí ni mo fi ń kó gbogbo rẹ̀ jáde:

```
docker compose exec -T webserver document_exporter ../export
```

Dísìkì mìíràn tó wà ní ilé míì ni mo ń kó o sí, mo sì máa ń dá a padà sórí kọ̀ǹpútà òfìfo láti rí i pé àwọn àmì àti wíwá ṣì ń ṣiṣẹ́.