Kásíkì tó ń sùn ṣáájú olówó rẹ̀

N kò bá tí kọ èyí rárá bí kì í bá ṣe ti àárọ̀ Sátidé kan ní Kétu. Bàbá kan tó ti lé ní 80 ọdún jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó ti wẹ̀, ó ti mu ẹ̀kọ, ó ní òun ti ṣetán. Orin Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń dà kọ sínú ìwé, àwọn orin òru tó máa ń ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohùn orin wà nínú fóònù mi, bàbá ló sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ mọ́. Mo gbé kásíkì kọ́ bàbá létí, mo tẹ orin. Bàbá ń wò mí, èmi náà ń wo bàbá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bọ́ ọ lórí, ó yí i wò níwá-lẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, òkú lo gbé kọ́ mi létí yìí."

Àní 100 ló wà nígbà tí mo gbé e sórí tábìlì lálẹ́ àná! Iná kò sì sí ládùúgbò wọn láàárọ̀ yẹn. Nígbà tí mo fi rí ibi tí mo ti lè fún un níná, oòrùn ti kan àtàrí, oorun ti ń kun bàbá. Mo padà sílé láìkọ ìlà kan.

Kásíkì là ń pè é níbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà lè máa pè é ní hẹ́ẹ̀dìfóònù. Àjàṣẹ́ ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ọjà Wándó, 22 000 fránkì. N kò ní ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ fún yín. Ìró rẹ̀ dára, ohùn ọ̀kọrin ń yọ gedegbe láàárín ìlù, kò sì ń fún ni lórí. Ohun kan ṣoṣo ló kọ mí lóminú lọ́jọ́ tí mo rà á: tìmùtìmù etí rẹ̀ ń dán, ó sì ń rùn bí ìpara irun. Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni awọ tuntun ṣe ń rùn.

Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ̀sùn tí mo ní sí i yàtọ̀ pátápátá. Tí mo bá dá orin dúró kí bàbá lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan (àlàyé bàbá kì í sì í kúrú), kí n tó tẹ̀ ẹ́ padà, kásíkì á ti kú. Mo gbé e padà lọ sí Àjàṣẹ́, ọ̀nà Pọ̀bẹ̀, gbogbo eruku rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Ọmọkùnrin kan tó ń tajà níbẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ má bínú, tàńtí, nǹkan kékeré ni." Ó gba fóònù mi, ó ṣí áàpù kásíkì náà, ìka rẹ̀ sáré lójú fóònù, ó dá a padà fún mi. "Kò ní dá kú mọ́ láé." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fún un ní 500 fránkì kó fi mu omi. N kò bi í léèrè ohun tó ṣe. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà.

Ohun tó ṣe ni pé ó wọ ibi tí wọ́n kọ `Arrêt automatique` sí, ó sì yí i kúrò ní `15 min` sí `Jamais`. Kásíkì tèmi máa ń ka ìṣẹ́jú láti ìgbà tí ìró bá ti dákẹ́. Tí iye ìṣẹ́jú yẹn bá pé, á pa ara rẹ̀ kí bátìrì má bàa ṣòfò. Òmíràn wà tí kì í wo ìró, tó jẹ́ pé bó bá ti wà lórí bulutúùtù pẹ̀lú fóònù, kò ní kú, bí ẹ tilẹ̀ dákẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ gbìyànjú kí ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́. Ọmọ yẹn wá sọ fún tèmi pé kó má kú láé, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn Sátidé yẹn, mo pe ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà kìíní, wọ́n ní ọ̀gá ń kírun. Ìgbà kejì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé e, ó ní, "Màdáàmù, bí ẹ kò bá pa á, ṣé kì í ṣe pé á máa jẹ iná ni?" ó sì gé e. Ìgbà kẹta, ó ń dún, ó ń dún, wọn ò gbé e. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé màá kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé kà á. Ìgbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọkùnrin yẹn fi nọ́ńbà tirẹ̀ pè mí. Ó ní òun gbọ́ bí ọ̀gá ṣe dá mi lóhùn, pé kí n jọ̀ọ́, kí n ṣe mísáàjúù, ìyẹn ni kí n sọ ètò inú kásíkì náà di tuntun láti inú áàpù, kí bátìrì rẹ̀ ti lé ní ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n má sì gbé fóònù jìnnà sí i títí tó fi máa parí.

Mo ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, kásíkì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá kú nígbà tí mo bá dákẹ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ìgbà tí mo wo inú áàpù ni mo rí i pé mísáàjúù náà ti dá `Arrêt automatique` padà sí `15 min` láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti ṣe mísáàjúù, ẹ padà lọ wo ibẹ̀. Mo gbé e sí `30 min`, nítorí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ju ìdajì wákàtí túmọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo fi alẹ́ mẹ́ta ṣọ́ kásíkì yìí bí ẹni ń ṣọ́ olè. Lálẹ́ kìíní, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, mo pa á ní aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́fà àárọ̀, 100 ṣì ni. Bátìrì kò jò fúnra rẹ̀ nígbà náà. Lálẹ́ kejì, mo fi sílẹ̀ ní `30 min`, mo sì pa dátà fóònù, torí gbogbo "tín" tí wátsáàpù bá dún sínú kásíkì ìró ni, á sì mú kó tún ìṣẹ́jú kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti aago. Nígbà tí 30 ìṣẹ́jú pé, ó ké, ó kú. Ètò pípa ara rẹ̀ kò ní àbùkù. Lálẹ́ kẹta, mo dá a padà sí `Jamais`, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, gẹ́gẹ́ bí ti Sátidé.

Ẹlòmíràn á ní a ti mú olè nìyẹn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi ń fọ abọ́. Páálí kásíkì ní á kọrin fún 30 wákàtí. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, wákàtí 9 ni. Kásíkì tó ń kọrin ló yẹ kó jẹ iná ju èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Báwo ni wákàtí 9 tí kò sọ̀rọ̀ ṣe lè gbé ohun tí orin 30 wákàtí ń gbé? Ká tilẹ̀ ní bó ṣe ń jẹun nígbà orin ló ń jẹun nígbà ìdákẹ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan ló yẹ kó bá a lọ. `Jamais` jẹ̀bi, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan.

Mo fún un níná kún, mo fi í gbọ́ ohùn lásán láìgbé e sókè, mo ń kọ àkókò sílẹ̀. Kò tilẹ̀ pé wákàtí 9 tó fi kú. Ohun tó wá tú àṣírí rẹ̀ pátápátá ni ìlù. Fóònù kọ 40, ọ̀kọrin ń dá orin, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Bí ìyá ìlù ṣe wọlé, tí mo sì gbé ohùn sókè, ó kú pìì. Mo tàn án padà, ó tún ní òun wà ní 40. Ìlù wọlé, ó tún kú. Èyí kì í ṣe ti aago. Ìgbà ìdákẹ́ ni aago ń pa kásíkì, kì í ṣe ìgbà tí ìlù ń dún. Bátìrì tó ti gbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó lè gbé ẹrù kékeré, bí ẹrù bá wúwo lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ lójijì, ètò ààbò inú rẹ̀ á sì gé iná. (Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn pátápátá. 40, 30, 20, bẹ́ẹ̀ ni tèmi ń fò. Kò sọ 37 fún mi rí.)

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún fóònù ṣe ní Kétu níbí. Ó yọ tìmùtìmù etí ọ̀tún, ó tú ìdè mẹ́rin, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ ti wú díẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, ohun mímú kò gbọdọ̀ gún un torí ó lè gbiná. Ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i: 3.7 fóòtì nígbà tó dákẹ́. Ó ní kí n tẹ ìlù. Nọ́ńbà náà já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3.1, kásíkì sì kú lójú wa. Ó rẹ́rìn-ín. "Tàńtí, oṣù mélòó lẹ ní ẹ rà á?" Mo ní kò tíì pé méjì. Ó wo tìmùtìmù tó ń dán yẹn, ó gbóòórùn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Mo pe ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù. N kò pariwo. Mo ní, "Àbúrò, ta ló ti lo kásíkì yìí ṣáájú mi?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó lò ó, àfi pé èyí tó wà nínú gíláàsì fún oníbàárà láti fi sórí wò ni, pé òun ló ń fi wáyà iná sí i láàárọ̀ tí òun ń yọ ọ́ lálẹ́, ó ti ju ọdún kan lọ. Oòrùn ọ̀sán sì ń kọjú sí gíláàsì yẹn, mo ti dúró níbẹ̀ rí. Bátìrì tó kún fọ́fọ́ lójoojúmọ́ nínú ooru, gbígbó ló ń gbó, ì báà má kọrin kan. Èmi náà sì wá fi `Jamais` kún un, tí mò ń jẹ́ kó ṣófo tán lóru kó tún kún láàárọ̀. Kò sọ pé òun kò jẹ̀bi. Lọ́jọ́ kejì, 6 000 fránkì wọ fóònù mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ló fún un.

5 500 ni bátìrì tuntun àti owó iṣẹ́: fóòtì kan náà, ìwọ̀n kan náà, wáyà mẹ́ta, torí pé ìkẹta ló ń sọ bí ara bátìrì ṣe gbóná tó. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sí `Jamais` láti aago mẹ́sàn-án. Ó jí ní 80. Mo dá a padà sí `30 min`.

Bàbá ti gbé e kọ́tí lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìlù wọlé, ó gbé ejìká sókè, ó ní kí n fi kún ohùn rẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù: 0. Kásíkì: 4 nínú 5. Òórùn ìpara yẹn ni mo fi yọ ọ̀kan. Kò tíì lọ.