Ètè òkè dúdú, ti ìsàlẹ̀ pọ́n: kọnsílà, kọrẹ́kítọ̀ ọsàn, àbí pẹ́ńsù búráùn?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ètè aláwọ̀ méjì. Ti òkè á dúdú, ti ìsàlẹ̀ á pọ́n, pàápàá láàárín. Kì í ṣe àrùn, bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn. Ìgbà tí a bá fẹ́ ra lípísítíìkì ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á rí píǹkì kan tó wù ú, á fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, á sanwó. Tó bá délé tó kùn ún, ètè ìsàlẹ̀ á gba píǹkì náà, ti òkè á dà bíi pé ó ń jẹ eérú. Iṣẹ́ ojú kíkùn ni mò ń ṣe ní Kubwa ní Àbújá níbí, mo sì lè sọ pé púpọ̀ nínú lípísítíìkì tí àwọn oníbàárà mi ń kó wá tí wọ́n ní "kò bá mi lára mu" kò ní àbùkù kankan. Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń fa eérú yẹn rèé. Kí píǹkì tàbí àwọ̀ ara tó lè mọ́, àwọn tó ń ṣe é máa ń po àwọ̀ funfun mọ́ ọn. Tí o bá wo ẹ̀yìn páálí, wàá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí CI 77891. Ẹ rántí ògì tó ṣàn tó dà sí ara ìkòkò dúdú: kì í funfun níbẹ̀, ṣe ló máa ń hàn bí eérú nítorí pé dúdú abẹ́ rẹ̀ ń yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni funfun inú lípísítíìkì ṣe ń ṣe lórí ètè tó dúdú. Nọ́ńbà yẹn yóò sọ fún ọ pé funfun wà níbẹ̀, kò ní sọ bó ṣe pọ̀ tó, nítorí náà dídán-an-wò ṣì pọn dandan.

Nǹkan mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń fi sábẹ́ lípísítíìkì kí ètè méjèèjì lè di àwọ̀ kan. N kò kà wọ́n sí ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Kọnsílà

Ìpara aláwọ̀ ara tí a fi ń bo àbàwọ́n ojú nìyí. Òun ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ lò, nítorí ó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi pa ètè rẹ́ pátápátá kí wọ́n tó kun àwọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n funfun kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà nínú rẹ̀, tí o bá fi bo dúdú, eérú lo tún rà. Ó tún máa ń gbẹ, á kó sínú àwọn ìlà ètè, tí ọyẹ́ bá sì ti dé sí Àbújá, kò ní pẹ́ tí yóò fi là wẹ́wẹ́. Mo lò ó bẹ́ẹ̀ fún ara mi lọ́dún kan, nígbà tí mo dé ibi àríyá, ìyá kan fà mí sẹ́yìn pé, "Ọmọ mi, ṣé ara rẹ ò yá ni?" Ibi tí kọnsílà ti wúlò ni ìta etí ètè, tí lípísítíìkì bá yọ jáde tí o fẹ́ tún ìlà rẹ̀ ṣe. Má ṣe tìtorí ètè ra òmíràn.

Kọrẹ́kítọ̀ ọsàn

Ìpara aláwọ̀ ọsàn tí a fi ń pa dúdú rẹ́ kí a tó kun ojú nìyí, ó sì ní ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ètè tó dúdú máa ń ní àwọ̀ tó fara jọ búlúù tàbí àlùkò díẹ̀ nínú, àwọ̀ ọsàn sì ni alátakò búlúù. Tí méjèèjì bá pàdé, wọn yóò pa ara wọn dà sí búráùn jẹ́jẹ́ tí kò ní eérú. Aláwọ̀ dúdú kì í lo èyí tó mọ́ bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tán. Èyí tó jinlẹ̀, tó ń lọ sí pupa bí epo pupa, ni kó béèrè.

Ohun tí ń bà á jẹ́ ni àpọ̀jù. Ìwọ̀n ìdajì hóró ìrẹsì kan ti tó fún ètè òkè, ti ìsàlẹ̀ kò sì nílò rẹ̀ àfi níbi tó bá dúdú ní igun. Fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má fi ra á. Tí o bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó yẹ kí o ṣì máa rí ètè rẹ lábẹ́ rẹ̀, bíi pé ó kàn móoru díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ọsàn gan-an lò ń rí, ó ti pọ̀ jù. Fi tíṣù gbà á. Lẹ́yìn náà, fi páúdà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí o tó kun lípísítíìkì lẹ́ẹ̀mejì, tínrín tínrín.

Ibi tó kù sí: tí o bá jẹun, àárín ètè ló ń kọ́kọ́ lọ, òrùka ọsàn á sì ṣẹ́kù sí etí. Kò sì lè dá dúró. Lípísítíìkì tó bo dáadáa gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé nǹkan méjì lo máa rà.

Pẹ́ńsù búráùn

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà, n kò sì fi í pamọ́. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń gbìyànjú láti gbé ètè dúdú sókè. Pẹ́ńsù ń ṣe òdìkejì: ó ń mú èyí tó pọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá èyí tó dúdú. Ìyẹn rọrùn jù, nítorí àwọ̀ tó jinlẹ̀ kò nílò kó nípọn kó tó bo èyí tó mọ́.

Gbé pẹ́ńsù sún mọ́ ètè òkè rẹ, kì í ṣe ojú rẹ, kí o sì mú èyí tó bá ètè yẹn dọ́gba, tàbí tó fi díẹ̀ dúdú jù ú lọ. Búráùn tó ní pupa nínú, bí awọ obì, ló dára. Èyí tó ń sún mọ́ dúdú pátápátá máa ń yí ẹnu ká bí èédú. Fa ìlà yí ètè méjèèjì ká, kí o wá fi kun gbogbo ètè ìsàlẹ̀. Fi ìka pa ìlà òkè wọ inú kí ojú ìlà má hàn. Ètè méjèèjì ti di ọ̀kan nìyẹn, kò sì tíì ná ọ ju pẹ́ńsù kan lọ. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀, ìda ló pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ lẹ́nu.

Ó ní ibi tí kò lè dé: píǹkì mímọ́ kò ní jáde bó ṣe rí nínú agolo lórí rẹ̀. Nínú ooru oṣù Kẹta níbí pẹ̀lú, ó máa ń rọ̀ débi pé yóò ṣẹ́ sínú ohun tí a fi ń gbẹ́ ẹ. Fi sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó gbẹ́ ẹ.

Èyíkéyìí tí o bá mú, ètè tó ń bó ò ní gbà á. Fi aṣọ rírọ̀ tó tutù nù ún, fi faselíìnì díẹ̀ pa á, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wá fi tíṣù nù ún kúrò pátápátá, nítorí ọ̀rá tó bá ṣẹ́kù ni yóò mú gbogbo rẹ̀ yọ̀. Má fi ṣúgà ha á líle. Ètè tó bá ṣegbò máa ń tún dúdú sí i tó bá jinná.

Tí o bá wà níwájú ìsọ̀

Ní Wúsè tàbí ibikíbi, má gbé èyí tí gbogbo ayé ń dán wò sẹ́nu. Kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù búráùn tí o fẹ́ rà kun ibì kan ní ọrùn ọwọ́ rẹ, kó fẹ̀ tó ojú owó ẹyọ. Wá fa lípísítíìkì kọjá kí ìdajì rẹ̀ wà lórí pẹ́ńsù, ìdajì lórí awọ ara lásán. Èyí tó wà lórí pẹ́ńsù ni ètè rẹ. Jáde kúrò lábẹ́ gílóòbù funfun ìsọ̀, dúró níbi tí oòrùn wà, kí o sì dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí àwọn olómi tó ń gbẹ máa ń dúdú sí i tí wọ́n bá gbẹ tán.

Àwọn tó máa ń yege nínú ìdánwò yìí ni àwọ̀ ìṣapá tí wọ́n rẹ, èyí tí àwọn ará ìhín ń pè ní sóbò, àti pupa osùn, àlùkò, kòkó àti pupa tàtàṣé. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ara lo fẹ́, mú èyí tó dúdú díẹ̀ ju ojú rẹ lọ. Èyí tó bá mọ́ ju ojú lọ ni yóò jẹ eérú.

Ohun méjì kan wà tí n kò ní fi ṣe àfiwé rárá. Àwọn kan ń fi tìróò, tí àwọn Hausa ń pè ní kwalli, to etí ètè. Òjé lè wà níbẹ̀. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ tìróò kan tó wá láti Nàìjíríà wò, tí wọ́n ń lé fún ọmọ ọwọ́ kan, wọ́n sì rí i pé òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ohun tó bá sì wà létè, a ó gbé e mì. Ìkejì ni ìpara tí wọ́n ní ó ń sọ ètè di píǹkì. Ìpara bíbóra ni ọ̀pọ̀ wọn. Màkúrì wà nínú àwọn kan. Tí àmì dúdú kan bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sétè rẹ, tó ń fẹ̀ tàbí tó ń yún, ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ni kí o gbé e lọ, má fi pẹ́ńsù bò ó.

Ní oṣù Kìn-ín-ní tó kọjá, àbúrò ọkọ mi wá bá mi pé òun ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Gwarinpa, aṣọ ẹbí wọn sì jẹ́ píǹkì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, píǹkì náà ni mo fẹ́ létè." Ètè òkè rẹ̀ dúdú gan-an. A fi kọnsílà sábẹ́ píǹkì náà lákọ̀ọ́kọ́, ó wo dígí, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún kúrò. A fi kọrẹ́kítọ̀ ṣe é, ó dára gan-an, ó ya fọ́tò. Mo ní kó jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì kan kó tó jáde. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ọsàn ti yọ lókè.

Ohun tí a ṣe nígbẹ̀yìn ni pé mo fi pẹ́ńsù búráùn kun gbogbo ètè, mo fi àwọ̀ ìṣapá lé e lórí, mo wá fi ìka tẹ píǹkì tirẹ̀ náà sí àárín ètè ìsàlẹ̀ nìkan, ní ibi tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀. Píǹkì náà hàn, ó sì bá aṣọ mu. Nígbà tó jẹ jọ́lọ́ọ̀fù lọ́hùn-ún, píǹkì yẹn nìkan ló lọ, ó sì wà nínú báàgì rẹ̀ láti tún un tẹ̀. Pẹ́ńsù mi náà wà nínú báàgì yẹn. N kò tíì rí i gbà padà.