Rẹ́ńdà tó kéré fún títẹ̀: GIMP ni àbí Upscayl?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya ilé ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ ká mú rẹ́ńdà, ìyẹn àwòrán ilé tí kọ̀ǹpútà yà, tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 3840. Lórí ìwé A1 tí a dá bùú, bíi 116 ló máa bọ́ sí íńṣì kan; kó tó lè pé 150, fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4970.

Ọ̀fẹ́ ni GIMP tó ń ṣàtúnṣe àwòrán àti Upscayl tó ń fi AI mú àwòrán tóbi, àmọ́ Upscayl ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó ní káàdì gíráfíìkì tó dáa.

Ibi ewu ni wọ́n ti yàtọ̀ gan-an. Tí ẹ bá yan LoHalo nínú Scale Image, ohun tó wà nínú àwòrán náà ni GIMP máa nà, kò ní fi nǹkan kún un. Ìlà á rọ̀ díẹ̀. Sharpen (Unsharp Mask) á tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi Amount sí 0.5 péré, kí etí òrùlé má baà yọ ìlà funfun.

Upscayl ń méfò ni. Ògiri tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lè máa dán bíi ike, lẹ́tà ara pátákó lè dà rú. Láti mọ̀, ẹ sọ àbájáde rẹ̀ di ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti GIMP, kí ẹ gbé e lé e lórí, kí ẹ yí Mode sí Difference: ibi tó bá mọ́lẹ̀ ló ti yí nǹkan padà.

Fún nínà kékeré báyìí, GIMP ni mo fara mọ́. Tí fáìlì ilé náà bá ti sọnù, tó sì jẹ́ àwòrán tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 1280 ló kù, Upscayl wúlò. Kí ẹ wá dín Opacity rẹ̀ kù sí ìdajì lórí ti GIMP, kí ẹ sì fi Layer Mask bo ibi ògiri àti lẹ́tà.